Èsì ni, àbí àbọ̀, àbí àkíyèsí?

Ọmọ Ìṣọ̀kùn, Iléṣà:
Ẹ kú ìjókòó o. Ìwé pélébé kan ni mò ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ajẹ́ńsì ń bá wáṣẹ́ níbí. Mo dé ibi tí wọn yóò ti béèrè lọ́wọ́ ajẹ́ńtì ohun tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sọ nípa wọn lẹ́yìn íńtáfíù, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “feedback”, mo sì kọ “ẹ béèrè èsì”. Ọmọ kan kà á, ó ní, “Èsì kẹ̀? Wọn ò mú mi, mo ti mọ̀.” Ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Olùkọ́ Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀:
Ìfèsìpadà. Ó parí. Bí a bá ń pè é lẹ́nu, yóò mọ́ àwọn ọmọ lára.

Bàbá Ẹ̀rẹ́jà, Iléṣà:
Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó fèsì ti dá ọ̀rọ̀ padà, kí ni “padà” tún ń wá lẹ́yìn rẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì lẹ gé sí wẹ́wẹ́ tí ẹ tún tò. Nílé wa, ẹni tí a rán níṣẹ́ ń jábọ̀. Ajẹ́ńtì ló lọ bá ọ̀gá, ajẹ́ńtì ló bọ̀, kó wá jábọ̀ ohun tí wọ́n wí. “Ẹ̀gbọ́n, àbọ̀ ń kọ́?” Ìyá àgbà tí kò wo ilé ìwé rí á gbọ́ ìyẹn.

Olùkọ́ Ìlàrè:
Ẹ tún ti kó wa sínú gọ́tà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Lẹ́tà kan náà, àmì ohùn kan náà. Ọmọ tó bá kà á yóò ní ìdajì ni wọ́n ní kí òun lọ gbà.

Ìyá Ìbejì, Lágéré, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Ìdajì náà ni wọ́n sì ń gbà, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ọdún 6 ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì ajẹ́ńsì kí n tó lọ ṣe tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.

Íńtáfíù parí lánàá. Èmi ajẹ́ńtì pe ọ̀gá lórí fóònù. Mo bi í pé ta ló wù ú, kí ló ń kọ ọ́ lóminú nípa ẹni yìí, ṣé yóò tún fẹ́ rí i? Ọ̀gá ń wakọ̀, tàbí ó wà láàárín ìpàdé, ó ní, “Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò tíì le.” Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé mi kò ju gbólóhùn yẹn lọ. Ìyẹn ni mo máa pín fún ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́rin mìíràn tún wà tí mo gbọ́dọ̀ pè ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ẹ wá wo ohun tí mo máa ṣe sí gbólóhùn náà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. “Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì le” máa di “wọ́n fẹ́ ẹni tó ní ìrírí díẹ̀ sí i”. N kò purọ́ o. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà lè fi ṣe àtúnṣe ti jábọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ sì rántí pé ọ̀gá ló ń sanwó fún ajẹ́ńsì, kì í ṣe ọmọ tó ń wáṣẹ́. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù.

Nítorí náà, ohun méjì ni Ọmọ Ìṣọ̀kùn ń wá orúkọ fún, kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí ọ̀gá fojú rí lára ọmọ nínú íńtáfíù, àkíyèsí nìyẹn, ọ̀gá ló ni ín. Ohun tí èmi rù bọ̀ nínú rẹ̀, àbọ̀ nìyẹn, èmi ni mo ni ín. Ẹni tó béèrè èsì, “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” ló máa gbà. Ẹni tó béèrè àbọ̀ á gba ohun tó wà nínú ìwé mi, tí mo ti fi oyin sí. Ẹni tó bá béèrè àkíyèsí, tó tún sọ ibi tó ń wò, ló máa jẹ́ kí n tún gbé fóònù.

Ọmọ Òṣómàáló:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Èmi náà, wọn ò dá mi lóhùn. Bàbá mi àgbà ta aṣọ káàkiri, òṣóòṣó ló fi ń gbowó rẹ̀, mo ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pe ajẹ́ńtì láàárọ̀, mo pè é lọ́sàn-án, mo pè é lálẹ́, ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún mo gba ilé-iṣẹ́ náà lọ fúnra mi, mo ní mo wá gbọ́ èsì. Wọn ò tún pè mí mọ́ láyé. Ṣé àbọ̀ ni mo béèrè ni àbí èsì?

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, o jẹ́ òṣómàáló níbi tí kò ti sí gbèsè. Ìpè ọjọ́ mẹ́rin yẹn kò burú tó èyí tí o gbà lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá tó gba ajẹ́ńsì, kí èèyàn má bàa wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ṣe gbà wọ́n. Ajẹ́ńsì pẹ̀lú á sì rò pé o fẹ́ gba ẹ̀yìn òun wọlé.

Ìpè tó wúlò jù ni ti ọjọ́ íńtáfíù gan-an, kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Má béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ìwọ ni kí o jábọ̀ fún un: ohun tí wọ́n bi ọ́, ibi tí o ti gbọ̀n, ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa pinnu. Èmi yóò gbọ́ tìrẹ kí n tó gbọ́ ti ọ̀gá, n óò sì mọ ohun tí mo máa tọ́ka sí nígbà tí mo bá pè é. Lẹ́yìn ìyẹn, sinmi títí ọjọ́ tí wọ́n dá fi kọjá. Bí ọjọ́ iṣẹ́ méjì bá tún kọjá lé e, kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù.

Bàbá Ẹ̀rẹ́jà:
A ò gbọ́ àpẹẹrẹ kankan. Irú ọ̀rọ̀ wo ni yóò kọ?

Ìyá Ìbejì:
Ọmọkùnrin kan láti Ìlódè ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú sítóò. Mo jẹ́ ẹ fún un bí mo ṣe sọ lókè, pé ìrírí ni wọ́n fẹ́ sí i. Kò bá mi jà. Ó kọ̀wé sí mi pé: “Ẹ ṣé, mà. Mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, nínú kí ni ìrírí náà ti kù? Ṣé kíka ọjà ni, ṣé kọ̀ǹpútà ni, àbí ìdáhùn mi kan ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn?” Ẹ wò ó dáadáa. Ó fi ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, èyí tí mo bá mú ló máa mú ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ká ní “kí ni mo ṣe?” ló béèrè ni, “kò sí nǹkan” ni ọ̀gá máa wí.

Mo pe ọ̀gá, mo mú ìbéèrè kẹta. Ló bá já. Wọ́n bi ọmọ náà pé: ìwé sọ pé àpò 48 ló wà nílẹ̀, o kà á, o bá 45, kí lo máa ṣe? Ó ní òun á tún ìwé ṣe kó di 45. Ọ̀gá ní ibẹ̀ ni ọkàn òun ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kó kọ́kọ́ tún un kà, kó wo ìwé ọjà tó wọlé àti ìwé tí wọ́n fi kó ọjà jáde, bóyá ẹnì kan kó àpò mẹ́ta lọ láìkọ ọ́ sílẹ̀, kó sì sọ fún ọ̀gá kó tó fi bírò kan ìwé náà. Ẹni tó bá sáré tún ìwé ṣe ti bo ojú olè mọ́lẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀. “Ìrírí” kọ́ ló kù, ìdáhùn kan ni. Ilé-iṣẹ́ kejì tí mo rán an lọ tún bi í ní ohun tó jọ ọ́.

Olùkọ́, ẹ rí i pé àbọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fún un, àbọ̀ tiyín ni lóòótọ́.

Adájọ́ Mọ̀dákẹ́kẹ́:
Ẹ ń dààmú ara yín. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 ti wà ní Nàìjíríà. Dandan ni kí wọ́n sọ ìdí tí wọn kò fi mú ọ. “Ẹ̀tọ́” ni kí ẹ kọ sínú ìwé pélébé náà, kí ẹ yé bẹ̀bẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ìdajì lẹ mú. Òfin náà fún ọ láyè láti béèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ pamọ́ nípa rẹ. Kò ní kí ọ̀gá jókòó kó máa ṣàlàyé ìdí. Ẹ sì ti gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé tèmi: “ọwọ́ rẹ̀ ò tíì le.” Ẹ̀dà rẹ̀ rèé, kí lẹ máa fi ṣe? Àpò 48 àti 45 kò sí níbẹ̀ títí ọmọ náà fi béèrè. Tí lẹ́tà òfin bá sì dé ọ́fíìsì ajẹ́ńsì báyìí, ọ̀gá wọn á ní kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan mọ́.

Adájọ́ Mọ̀dákẹ́kẹ́:
Ẹ̀tọ́ ni ẹ̀tọ́ ń jẹ́, mà. N kò kúrò níbẹ̀.

Olùkọ́ Ìlàrè:
Mo fa ìfèsìpadà sẹ́yìn. Àkíyèsí tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀hónú kan: lẹ́tà ìkìlọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ “àkíyèsí” mọ́, “Àkíyèsí: ẹ má tọ̀ síbí.” Ẹni tó bá kà á lójijì lè rò pé wọ́n ń kìlọ̀ fún òun ni.

Bàbá Ẹ̀rẹ́jà:
“Àkíyèsí wọn”, kì í ṣe “Àkíyèsí” lásán. Ẹ fi “wọn” sí i, ògiri á kúrò níbẹ̀. Èmi ṣì fẹ́ àbọ̀ o. Ìjẹ̀ṣà kì í gbàgbé.

Ọmọ Ìṣọ̀kùn:
Mo ti kọ ọ́ báyìí, ẹ bá mi wò ó: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ṣé tí ẹ jábọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àkíyèsí wọn gan-an lẹ sọ fún mi, bí wọ́n ṣe sọ ọ́, àbí bí ó ṣe yé ẹ̀yin? Ibo nínú íńtáfíù ni wọ́n ti rí i?” Mo ti fi èsì sílẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n bá mú èèyàn.

Ìyá Ìbejì:
“Bí ó ṣe yé ẹ̀yin” yẹn máa ta ajẹ́ńtì lára. Kọ “kí n lè mọ ohun tí mo máa tún ṣe” sí iwájú rẹ̀, kó má dà bí ẹni tó ń bi í lẹ́jọ́.

Ọmọ Òṣómàáló:
Ẹ̀yin mà, ṣé mo ṣì lè fi èyí ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì tèmi? Oṣù méjì ti kọjá.

Ìyá Ìbejì:
Fi ránṣẹ́. Ọ̀gá lè ti gbàgbé ohun tó rí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ tọrọ gáfárà fún ti ọjọ́ karùn-ún.