Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìfihàn mi lórí LinkedIn

Ohun tí mo béèrè: "Oníṣirò owó ni mí, mo fẹ́ bọ́ sídìí ìtúpalẹ̀ dátà. Kí ni kí n kọ nípa ara mi?"

Ẹ ṣeun gan-an fún ìmọ̀ràn yín. Èyí ni mo gbé síbẹ̀:

"Oníṣirò owó ni mí nílé iṣẹ́ tó ń pín oúnjẹ káàkiri Èkó. Mo ti fi Power Query sọ iṣẹ́ ọjọ́ 3 di ti wákàtí 2: fífi ìwé báńkì wé ìwé wa lóṣooṣù. Mo ń fi SQL wá ibi tí owó ń gbà jò. Iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ dátà tó jẹ mọ́ owó ni mò ń wá."

Ẹ̀gbọ́n tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ló ní kí n tètè mẹ́nu kan iṣẹ́ tí mo ti ṣe, torí ìlà díẹ̀ ló ń hàn kí èèyàn tó tẹ "see more". Wọ́n ní kí n má fi ìṣirò owó pa mọ́ rárá. Ẹni tó mọ̀ pé sọ́wédowó tí kò tíì wọlé lè mú kí ìwé méjèèjì yàtọ̀ kò ní tètè pe ìyàtọ̀ yẹn ní àṣìṣe dátà. Òótọ́ pọ́ńbélé!

Ẹni tó ní kí n to gbogbo irinṣẹ́ síbẹ̀ gbà á díẹ̀, torí agbanisíṣẹ́ ń fi orúkọ irinṣẹ́ wá èèyàn. Àmọ́ mi ò tíì fi Python ṣe iṣẹ́ kankan tí mo lè fi hàn, nítorí náà mo yọ ọ́.



Bóyá kí n ti máa pe ara mi ní atúpalẹ̀ dátà lókè, lábẹ́ orúkọ mi, ẹnu wa ò kò lórí ìyẹn. Mo ṣì fi "oníṣirò owó" síbẹ̀.