Ìwé ìlànà ojú-ewé méjì tí mo kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mú àkọsílẹ̀ oníbàárà lọ́wọ́

Aláwò-ojú, Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Awò ojú ni mo ń tà ní Lágere, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni mo sì ní. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wá bá mi pẹ̀lú ìbínú. Ẹnìkan tí wọn kò mọ̀ rí ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, ó dárúkọ wọn, ó sọ irú lẹ́ńsì tí wọ́n ń lò, ó sì ní òun lè ṣe òmíràn fún wọn ní owó pọ́ọ́kú. Òṣìṣẹ́ kan tó ti kúrò lọ́dọ̀ mi ló ta nọ́ńbà wọn fún onítọ̀hún. Kò jí ìwé kankan gbé. Fóònù ara rẹ̀ ló fi ń ya ìwé àyẹ̀wò ojú ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gé lẹ́ńsì fún wa ní Ìbàdàn, èmi fúnra mi ni mo sì ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Mo wá ìwé ìlànà iléeṣẹ́ ńlá kan, mo dà á kọ, mo pààrọ̀ orúkọ, ó di ojú-ewé 14. Gbogbo wọn buwọ́ lù ú lọ́jọ́ kan náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni mo bá ọ̀kan nínú wọn tó tún ń fi fóònù rẹ̀ ya ìwé oníbàárà. Nígbà tí mo bi í, ó ṣí ojú-ewé kẹfà fún mi, níbi tí a kọ ọ́ sí pé kí òṣìṣẹ́ máa lo ọ̀nà tó ní ààbò. Ó ní fóònù òun ní páásìwọ́ọ̀dù. Ọmọ náà kò parọ́. Ìwé mi ni kò sọ ohun tí mo fẹ́.

Mo pa ìwé yẹn tì. Mo mú àkọsílẹ̀ oníbàárà kan ṣoṣo, mo sì tẹ̀ lé e láti ìgbà tí obìnrin náà wọlé títí ó fi gba awò rẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú ìwé ńlá orí tábìlì, níbi tí oníbàárà tó tẹ̀ lé e ti lè ka ti gbogbo àwọn tó ṣáájú. Àwòrán ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ wọ fóònù òṣìṣẹ́, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. A tún kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sára àpòòwé tí a fi kọ́ sára ògiri. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí òṣìṣẹ́ náà pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí WhatsApp, àwòrán ṣì wà nínú Google Photos rẹ̀, nítorí pé kámẹ́rà fóònù ló fi yà á, Backup sì wà ní títàn. Bó bá ra fóònù tuntun lọ́la tó sì wọ àkáǹtì rẹ̀, ìwé àyẹ̀wò ojú obìnrin yẹn yóò bá a lọ síbẹ̀.

Ibi tí àkọsílẹ̀ náà dé ni mo wá kọ ìlànà lé lórí. A ra fóònù kan fún ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú síìmù tirẹ̀, àkáǹtì Google ti ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí rẹ̀, a sì pa Backup àwòrán. Fóònù náà kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé tó ń lọ sí Ìbàdàn kò ní orúkọ mọ́. Nọ́ńbà iṣẹ́ nìkan ló wà lórí rẹ̀, bíi 0417, nọ́ńbà yìí kan náà ló sì wà lára àpòòwé. Ìwé ńlá di káàdì kọ̀ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá ń lọ, a óò ṣí Linked devices nínú WhatsApp lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù, a óò yọ ẹ̀rọ èyíkéyìí tí a kò bá mọ̀, a óò sì pààrọ̀ páásìwọ́ọ̀dù kó tó jáde. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é, a bá kọ̀ǹpútà alágbèéká ẹni tó ti lọ níbẹ̀, tó ṣì ń gba gbogbo ìfiránṣẹ́ wa.

Aránṣọ, Iléṣà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Màmá. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò le tó báyìí. Mo ní ìwé kékeré kan tí oníbàárà máa ń buwọ́ lù kí n tó wọn ara rẹ̀, pé ó gbà kí n tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá ti fọwọ́ sí i, kí ni òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ oníbàárà tún ń wá? Ọmọ iṣẹ́ méjì péré ni mo sì ní. Mo rò pé báńkì àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni òfin yìí wà fún.

Olùtọ́jú fáìlì tó ti fẹ̀yìn tì, Mọdákẹ́kẹ́

Aránṣọ, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kò ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ tó ń rí sí i. Àmọ́ àwọn ìlànà ìpìlẹ̀ inú rẹ̀ kan ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì náà: kí a má gba ju ohun tí iṣẹ́ nílò lọ, kí a má lò ó fún nǹkan mìíràn, kí a má tọ́jú rẹ̀ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ní ti ìbuwọ́lùwé, ẹ kò nílò rẹ̀ láti pe oníbàárà pé aṣọ rẹ̀ ti parí, nítorí iṣẹ́ tó gbé fún yín ti béèrè fún ìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fi nọ́ńbà rẹ̀ polówó ọjà ni ẹ tó nílò àṣẹ rẹ̀, ó sì lè gba àṣẹ náà padà nígbàkúgbà. Ìwé yẹn kò tíì sọ fún ọmọ iṣẹ́ yín ibi tí kò gbọdọ̀ kọ ìwọ̀n ara obìnrin sí. Ti Màmá tilẹ̀ wúwo ju tiyín lọ, nítorí àkọsílẹ̀ ìlera wà lára èyí tí òfin fún ní ààbò tó le jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Mo bá onílé-oògùn kan kọ ìlànà níbí, ó sì takú pé kí a kọ ọ́ pé ẹni tó bá sọ fóònù ilé-iṣẹ́ nù yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ kan sọ ọ́ nù lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì sọ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ sùn pé ẹnìkan ń fi orúkọ ilé-oògùn náà tọrọ owó. Òfin fún oníṣòwò ní wákàtí 72, láti ìgbà tó bá ti mọ̀, láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó Àjọ náà létí bó bá lè pa ènìyàn lára, bí ewu rẹ̀ bá sì pọ̀, kó sọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin tí ọmọ náà fi dákẹ́ ni olè fi ṣiṣẹ́, gbólóhùn tí a kọ ló sì pa á lẹ́nu mọ́. A pa gbólóhùn náà rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé ẹni tó bá sọ fóònù nù, tó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, a kò ní fi ìyẹn nìkan fìyà jẹ ẹ́.

Òṣìṣẹ́ kan, ọjà Àtàkúmọ̀sà, Iléṣà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, èmi kì í ṣe ọ̀gá. Ọ̀gá mi gba fóònù mi, wọ́n ka ọ̀rọ̀ èmi àti ìyàwó mi, wọ́n ní àwọn ń wá nọ́ńbà oníbàárà. Ìwé oníduùró mi, tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi, sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń ṣí. Ta ni ìlànà yìí ń dáàbò bò?

Aláwò-ojú, Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò, oníbàárà ni mo ń sọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè yín mú mi ṣí dúrọ́ọ̀ tèmi. Ìwé oníduùró àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, àárín káàdì oníbàárà. Mo ti kó wọn lọ sílé lánàá. Ní ti fóònù, ìdí tí mo fi ra ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: bí oníbàárà kankan kò bá sí lórí fóònù òṣìṣẹ́, n kò ní ìdí láti ṣí i.

Ohun méjì ni n kò tíì yanjú. Ẹni tó ń gé lẹ́ńsì ní Ìbàdàn ṣì ní àwòrán àtijọ́ tó ní orúkọ, kò sì sí àdéhùn kankan tí a kọ sílẹ̀ láàárín wa. Ìkejì ni iye ọdún tí káàdì yóò fi wà. Oníbàárà mìíràn máa ń padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin láti béèrè irú lẹ́ńsì tó lò.

Olùtọ́jú fáìlì tó ti fẹ̀yìn tì, Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ kọ àdéhùn ti Ìbàdàn kíákíá. Òfin fẹ́ kó wà ní kíkọ. Ní ti ọdún, ẹ mú iye tí ẹ lè sọ ìdí rẹ̀ níwájú oníbàárà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ì bá mú ọdún mẹ́ta.

Aláwò-ojú, Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Mẹ́ta kéré lójú mi, Bàbá. Ìwé àdéhùn ti Ìbàdàn ni màá kọ́kọ́ mú lọ ní ọjọ́ Ajé.