Ìdámẹ́ta ni àbí ìlà mẹ́ta? Ọ̀rọ̀ fọ́tò Òkè Ìdànrè

Ọmọ Àkúrẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ ìwé kékeré kan fún àwọn tó ń bọ̀ wá wo Òkè Ìdànrè, kí fọ́tò wọn lè dùn-ún wò. Mo pe ọ̀nà kan ní "òfin ìlà mẹ́ta", ìyẹn ni kí a fi èèyàn sórí ọ̀kan nínú àwọn ìlà tí kámẹ́rà fóònù fi ń pín àwòrán sí mẹ́ta, dípò àárín. Mo pe èkejì ní "ìlà atọ́júsọ́nà", ìyẹn ìlà inú àwòrán, bí irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, tó ń mú ojú lọ bá ẹni tí a yà. Ṣé àwọn orúkọ yìí bójú mu? Mo fi fọ́tò kan tí mo ya ọ̀rẹ́ mi níbi àtẹ̀gùn mọ́ ọn. Kò wù mí, n kò sì mọ ìdí.

Olùkọ́ Èdè, Ọ̀yọ́:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn kò lè dúró. Ka àwọn ìlà tó wà lójú fóònù rẹ. Méjì dúró, méjì dùbúlẹ̀, mẹ́rin ni gbogbo wọn. Níbo ni ìlà mẹ́ta ti wá? Ìpín tí àwọn ìlà náà pín àwòrán sí ló jẹ́ mẹ́ta. Ìdámẹ́ta ni kí o pè é, bí ìdámẹ́wàá tí à ń san ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe jẹ́ ìpín kan nínú mẹ́wàá.

Èkejì ló bí mi nínú jù. Bí o bá ti so "tọ́" mọ́ "ojú", ìtọ́jú lo ti pè yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ìlà tó ń tọ́jú aláìsàn ni. Bí a bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí níwájú bàbá mi nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n á ní ká tún un sọ, ká tún un sọ, títí etí wa á fi gbọ́ ohun tí ẹnu wa ń sọ. "Amọ̀nà" wà nílẹ̀. Ìlà amọ̀nà. Ó tán.

Ìyá Ìbejì, Oṣòdì:

Ẹ jọ̀ọ́, àkòrí tó dé sórí fóònù mi kò ní àmì ohùn kankan. Ṣé ilà ojú lẹ̀ ń sọ ni? Bó bá jẹ́ òun ni, èmi náà ní ẹjọ́. Àbàjà ni bàbá mi kọ. Nígbà tí wọ́n kú, mo gbé fọ́tò wọn fún ẹnì kan kí ó bá mi fẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú. Ó ní òun tún ojú ṣe, ó sì pa gbogbo àbàjà náà rẹ́. Ojú tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ pósí kì í ṣe ojú bàbá mi.

Ayàwòrán, Ìbàdàn:

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìlà tí à ń fà ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, kì í ṣe ilà tí à ń kọ.

Ọmọ Àkúrẹ́, mo wo fọ́tò rẹ dáadáa. Àárín àtẹ̀gùn gan-an lo dúró sí, o gbé fóònù sí ìwọ̀n ojú, o sì fi ọ̀rẹ́ rẹ sí àárín àwòrán. Fi ìka rẹ lé irin tí à ń fọwọ́ dì mú lápá òsì, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kí o máa tọ̀ ọ́ lọ. Ìka rẹ á kọjá lẹ́yìn èjìká rẹ̀, á gun òkè lọ, á parí sí ojú ọ̀run tó funfun báláú. Tọ irin apá ọ̀tún, ibẹ̀ kan náà ló máa gbé ọ lọ. Irin méjèèjì ń mú ojú wa kọjá lára ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó ṣe fọ́tò rẹ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá wò ó, àwọsánmà ló máa kọ́kọ́ rí.

Bí mo bá wà níbẹ̀, ohun tí máa ṣe rèé. Máa wọ inú ètò kámẹ́rà, máa tan `Grid`, kí ìlà mẹ́rin náà lè hàn. Máa kúrò láàárín, máa sún mọ́ irin apá òsì títí aṣọ mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Máa gbé fóònù ga ju irin lọ ní nǹkan bí ìka mẹ́rin, máa sì yí ojú kámẹ́rà sí òsì díẹ̀. Bí mo bá ti yí i sí òsì, òkè àtẹ̀gùn á sún sí apá ọ̀tún àwòrán. Irin á wá bẹ̀rẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó nípọn bí apá, á máa tínrín bó ṣe ń gòkè. Lẹ́yìn náà, máa ní kí ọ̀rẹ́ rẹ gun àtẹ̀gùn bíi mẹ́wàá sí méjìlá síwájú mi, kí ó fọwọ́ di irin náà mú, kí ara rẹ̀ wà lórí ìlà tó dúró lápá ọ̀tún, kí ojú rẹ̀ sì bọ́ sí oríta òkè, níbi tí ìlà méjì ti pàdé. Ìka tó bá tọ irin náà lọ báyìí, ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ ló máa dé.

Kó wo apá òsì, níbi tí àyè wà. Bó bá wo ọ̀tún, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó fẹ́ jáde nínú fọ́tò. Má lo súùmù `0.5` níbẹ̀ o. Irin á tóbi bí òpó iná, ọ̀rẹ́ rẹ á sì kéré bí èèrà.

Ará Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ̀gbọ́n, wàhálà yẹn pọ̀ jù fún ẹni tó wá gbafẹ́. Lẹ́bàá Tẹ́mùsì níbí, àárín ni mo máa ń fi ìyàwó mi sí. Bí mo bá délé, máa gé fọ́tò títí á fi bọ́ sí ìdámẹ́ta. Kí ó sì rántí lóṣòó. Bí èèyàn bá lóṣòó, gbogbo ìlà ló máa ń gùn. Ní ti orúkọ, "ìlà ìfojúsọ́nà" ló dùn létí mi jù.

Ayàwòrán, Ìbàdàn:

Àbúrò, apá kan òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ. Ilẹ̀ tí a fi síméǹtì ṣe, ojú irin rélùwéè, ìlà funfun lórí títì, gbogbo wọn máa ń gùn bí o bá lóṣòó, nítorí ilẹ̀ ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n irin tó ga dé ìbàdí ńkọ́? Bí fóònù bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láti òkè ni irin náà á ti wọnú àwòrán, á sì dà bí ohun tó fẹ́ já lé èèyàn lórí. Ìdí tí mo fi ní kó gbé e ga jù ú lọ nìyẹn.

Ní ti gígé, jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní fọ́tò rẹ fẹ̀ ní píksẹ́lì 4000, ó ga ní 3000, ìyàwó rẹ sì wà ní 2000 gẹ́lẹ́. Kí ó tó lè bọ́ sórí ìlà ọ̀tún, o ní láti gé 1000 kúrò lápá ọ̀tún, kó ku 3000. Bí o kò bá fẹ́ kí ìrísí rẹ̀ yí padà, gíga rẹ̀ á di 2250. Mílíọ̀nù 12 lo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ó ku 6.75. Ìyẹn ṣì tó fún ojú fóònù. Ṣùgbọ́n irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kò sún kúrò níbi tó wà. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ dúró sí ló pinnu ibi tí ìlà á gbà, kò sí gígé tó lè mú ẹsẹ̀ rẹ padà lọ síbẹ̀. Súùmù pàápàá kò lè ṣe é.

Olùkọ́ Èdè, Ọ̀yọ́:

Ìfojúsọ́nà ni kí èèyàn máa retí nǹkan. Ẹni tó ń retí àlejò ló ń fojú sọ́nà. Ìlà wo ló ń retí àlejò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ máa bi wá kẹ́ ẹ tó kọ̀wé.

Ará Lọ́ńdọ̀nù:

Bàbá, ẹ máà bínú, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti dàgbà. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́ Yorùbá.

Ọmọ Aládìrẹ, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo fẹ́ kí Bàbá Olùkọ́ tún ìdámẹ́ta yẹn yẹ̀ wò. Lóde òní, "ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin" làwọn èèyàn ń sọ, ìpín mẹ́ta sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ ìdámẹ́ta lásán lè gbà á sódì. Ó yá mi lára láti pè é ní ìpínmẹ́ta.

Ẹ̀yin ayàwòrán kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi àgbà a máa ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Kí wọ́n tó ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, wọ́n á kọ́kọ́ pa aṣọ pọ̀ nínà-níbùú, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá tú u, ipa ìṣẹ́po á hàn, á ti pín aṣọ sí ojú kọ̀ọ̀kan. "Ojú" ni wọ́n ń pè é, bíi ti ojú àwọ̀n. Nítorí náà, ohun tí fóònù ń pè ní `Grid` yẹn, ojú mẹ́sàn-án ni ní èdè wa. Kí ni a ń wá orúkọ fún?

Ìlà èkejì ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀nà ojú.

Olùkọ́ Èdè, Ọ̀yọ́:

Ojú mẹ́sàn-án dára, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀nà ojú ni n kò gbà. Ẹ ò rí i pé Ìyá Ìbejì gba ìlà sí ilà nítorí àìsí àmì? Bí àmì bá já lórí "ọ̀nà", ọnà ló kù, ọnà tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́. Ọnà ojú! A tún ti padà sí ibi àbàjà. Ní ti "ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin", a kọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a kọ ìdámẹ́ta pọ̀. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Ọmọ Aládìrẹ, Abẹ́òkúta:

Bàbá, etí kì í gbọ́ àlàfo.

Ayàwòrán, Ìbàdàn:

Èmi ò bá yín jà lórí ìdá tàbí ìpín. "Òfin" ló ń dùn mí. Láti 1797 ni ayàwòrán kan ní Lọ́ńdọ̀nù, John Thomas Smith, ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìlànà fún àwòrán igbó àti oko, bí ilẹ̀ àti òfuurufú ṣe yẹ kó pín àwòrán. Láti ìgbà náà làwọn èèyàn ti ń gbé e gẹ̀gẹ̀ bí òfin Mósè. Bí àtẹ̀gùn Ìdànrè bá ṣófo, tí irin méjèèjì dọ́gba, tí àpáta dúró sọ́tùn-ún sósì, àárín gan-an ni kí o dúró. Bí o bá tì í sí ẹ̀gbẹ́ nítorí ìdámẹ́ta, àwòrán á kàn rí wọ́gọwọ̀gọ ni. "Ìlànà" ni kí o kọ. Ní ti èkejì, amọ̀nà mọ ọ̀nà fún ara rẹ̀. Irin yẹn ń mú ẹlòmíràn mọ ọ̀nà. Ìlà afinimọ̀nà.

Ọmọ Àkúrẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Mo padà lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo sún mọ́ irin náà, mo gbé fóònù ga jù ú lọ. Ọ̀kan bọ́ sí i nínú mẹ́fà tí mo yà, irin náà gba igun wá, ó sì dé ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi. Nínú àwọn márùn-ún yòókù, etí àpáta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gé e lọ́rùn. N kò rí i àfi ìgbà tí mo délé. "Ìlànà" àti "ìlà afinimọ̀nà" ti wọ ìwé mi. Ìdámẹ́ta àti ìpínmẹ́ta ni n kò tíì mú ọ̀kan nínú wọn.

Ayàwòrán, Ìbàdàn:

Sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn méjì, tàbí kó gun ọ̀kan sí i. Etí àpáta á kúrò lọ́rùn rẹ̀. Wo ẹ̀yìn èèyàn kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ Èdè, Ọ̀yọ́:

Ìdámẹ́ta ni kí o kọ.

Ìyá Ìbejì, Oṣòdì:

Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, fọ́tò bàbá mi tó jẹ́ ojúlówó ṣì wà lọ́wọ́ mi, eku ti jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣé ẹ lè bá mi fẹ̀ ẹ́ láì fọwọ́ kan àbàjà?