Ìtò aláhunpọ̀ àbí ìtò ẹlẹ́sẹ̀ méjì?

Tíṣà Lẹ́sìnnì, Kẹ́mta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan fún ìdánwò làákàyè tí iléeṣẹ́ máa ń ṣe kó tó gba èèyàn síṣẹ́, Yorùbá ni mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé fún wọn. Kí la máa pe ìtò nọ́ńbà méjì tí wọ́n hun pọ̀, irú 3, 20, 6, 17, 12, 14, 24, ? Kí la sì máa pè é tí lẹ́tà bá ń sún síwájú nínú ABC gẹ́gẹ́ bí ipò ẹ̀?

Bọ̀dá Ìtòkú:
Èyí ò le jàre. Ìwọ fúnra ẹ ti dáhùn, o ní wọ́n hun ún pọ̀, ìtò aláhunpọ̀ nìyẹn. Áńsà ẹ̀ ni 48, ìlọ́po méjì ló ń lọ bọ̀, 3 di 6, 6 di 12, 12 di 24. Ti lẹ́tà yẹn, ìsún-ipò, ó parí.

Bàbá Ìbarà:
Bọ̀dá Ìtòkú, ẹ rọra. Ìlọ́po méjì tẹ́ ẹ rí yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kàn. Ẹ fi bírò fa igi sábẹ́ nọ́ńbà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje, 3, 6, 12, 24 lẹ máa rí. Àwọn tí ẹ ò fàgi sí ni 20, 17, 14, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n fi ń wálẹ̀. Àmì ìbéèrè yẹn wà ní àyè ìkẹjọ, àwọn tó ń wálẹ̀ ló ni àyè yẹn, 11 ni áńsà. Ẹ sì lọ wo irú ìbéèrè báyìí dáadáa, 48 náà kì í sábà wọ́n nínú àwọn áńsà tí wọ́n máa tò kalẹ̀ kéèyàn mú nínú wọn, torí ẹni tó ṣe ìdánwò yẹn mọ̀ pé ẹni tó bá ti rí ìlọ́po méjì, inú ẹ̀ á dùn, á sì fò mọ́ ọn láì ka àyè.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba "aláhunpọ̀". Ó sọ fún ọmọ pé nǹkan méjì wà pọ̀, kò sọ fún un pé wọ́n ń gbà á fún ara wọn. Èmi á pè é ní ìtò ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọ̀tún gbé, òsì gbé, kọ́mọ náà máa bi ara ẹ̀ pé ẹsẹ̀ wo ló kàn kó tó kọ ohunkóhun.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dájú. Tó bá jẹ́ 3 àti 6 nìkan la rí, àfikún mẹ́ta ni àbí ìlọ́po méjì? 12 ló yanjú ẹ̀, torí tó bá jẹ́ àfikún mẹ́ta ni, 9 là bá rí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Pànṣẹ́kẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, èmi ò mọ ti iléeṣẹ́, ti kọ́mọ́ọ̀nù ẹ́ńtíránsì lèmi ń bá kiri. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi kọ ọ́ pé lẹ́tà tó wà ní ipò kẹrin ni E, wọ́n fi ìfàlà sí i, ó wá ń sunkún pé òun kà á dáadáa, èmi náà bá a kà á, A, B, D, E, mẹ́rin ni! Ṣé kí n lọ bá tíṣà wọn ni?

Bàbá Ìbarà:
Ìyá Ìbejì, ẹ má lọ o. Ábídí Yorùbá lọmọ yín kà, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni tiwa, kò sí C, kò sí Q, V, X, Z níbẹ̀, Ẹ, GB, Ọ àti Ṣ sì wà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti òyìnbó ni ìdánwò yẹn ń lò, karùn-ún ni E níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọ kó mọ EJOTY sórí, E ni 5, J ni 10, O ni 15, T ni 20, Y ni 25. Yàtọ̀ sí A àti B, lẹ́tà yòówù tí wọ́n bá bi í, á wá èyí tó sún mọ́ ọn nínú márùn-ún yìí, á ka ọ̀kan tàbí méjì sí i, tàbí kó yọ ọ́.

Tíṣà Lẹ́sìnnì, Kẹ́mta:
Bàbá, ẹ ṣeun. Ìsún-ipò tí Bọ̀dá sọ ńkọ́, ṣé ẹ gba ìyẹn?

Bàbá Ìbarà:
"Ipò" yẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀, torí ipò méjì ni lẹ́tà kan ní. Ẹ jẹ́ á mú KUTO tiwa yìí. Tó bá jẹ́ ipò tó wà nínú ọ̀rọ̀ la ní lọ́kàn, K ló ṣíwájú, á sún ìgbésẹ̀ kan, á di L. U á sún méjì, á di W. T á sún mẹ́ta, òun náà á di W. O á sún mẹ́rin, á di S. LWWS la máa kọ.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ipò ẹ̀ nínú ABC la ní lọ́kàn, K ni 11, á sún mọ́kànlá, á bọ́ sí 22, V nìyẹn. U ni 21, tó bá sún mọ́kànlélógún á di 42, ó ti kọjá Z, ẹ yọ 26 kúrò, ó ku 16, P nìyẹn. Bákan náà ni T ṣe máa di N, O á di D. VPND. Ọ̀rọ̀ kan náà, òfin tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi orúkọ kan pè, áńsà méjì tí ò jọra rárá.

Béèyàn ṣe máa dá wọn mọ̀ nìyí. Nínú tàkọ́kọ́, lẹ́tà kan náà tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ á di lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí àyè wọn yàtọ̀. Nínú ìkejì, ohun kan náà ló máa dì nígbàkúùgbà, nọ́ńbà rẹ̀ á sì jẹ́ èyí tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ẹ wo 22, 16, 14, 4. Ìkejì yìí tún ní àléébù kan, kò ṣeé dá padà láìmọ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. A di B, N náà di B, torí 14 lọ́nà méjì jẹ́ 28, ẹ yọ 26, ó ku 2. Tí wọ́n bá wá ní kí ọmọ sọ lẹ́tà tó di B, èwo ló fẹ́ mú?

Ẹ jẹ́ ká pe tàkọ́kọ́ ní ìsún àyè, ìkejì ní ìsún nọ́ńbà.

Bọ̀dá Ìtòkú:
Bàbá, mo gbà fún yín lórí 11 yẹn, mi ò janpata. Ṣùgbọ́n ìsún nọ́ńbà tẹ́ ẹ sọ yìí, ìsún kọ́ nìyẹn, ìlọ́po ni, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé 14 lọ́nà méjì. "Ìlọ́po lẹ́tà" ló yẹ kó jẹ́. Àti ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn, ṣé ẹ mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù ṣá, wọn kì í fi àmì sí i, àwọn ọmọ á ṣí ìwé, wọ́n á ka "ìtò ẹlẹ́ṣẹ̀ méjì", wọ́n á ní kí ni nọ́ńbà wá dẹ́ṣẹ̀ sí.

Ìyá Ìbejì, Pànṣẹ́kẹ́:
Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín o! Àmọ́ èmi fara mọ́ ti Bàbá, mo ti lò ó fún àwọn ìbejì lálẹ́ yìí, "ẹsẹ̀ ta ló kàn", ó yé wọn kíá.

Bọ̀dá Ìtòkú:
Tí wọ́n bá wá ti mẹ́ta pọ̀ ńkọ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta? Ẹ wo èyí: 2, 30, 5, 4, 25, 10, 6, 20, ? Èmi ti yanjú ẹ̀, 15 ni.

Tíṣà Lẹ́sìnnì, Kẹ́mta:
Bọ̀dá, ẹsẹ̀ kẹta ò tíì gbé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ níbẹ̀, 5 àti 10. Kí ló ní kó má jẹ́ 20?