Omi wọ háàdì díìsìkì tàbí mẹ́mórì káàdì yín rí? Ẹ sọ bó ṣe rí

Ayàwòrán Kétu
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lágbègbè Máìlì 12 àti Àjẹgúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú mọ̀ pé bí wọ́n bá ti tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, tí Odò Ògùn sì kún, ọ̀dọ̀ wa ló ń wọ́ bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, òru ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Háàdì alágbèéká kan, tẹráabáìtì 2, wà nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, fídíò ìgbéyàwó àwọn oníbàárà ló kún inú rẹ̀. Nígbà tá a fi máa ráyè wọlé láàárọ̀, omi ẹlẹ́rẹ̀ ti kún dúrọ́ọ̀ náà dé ẹnu.

Ọmọọṣẹ́ mi ti gbé e, ó fẹ́ lọ sá a sóòrùn. Mo ní kó dúró ná, mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún háàdì ṣe ní Ọ̀tígbà n'Íkẹjà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ẹ ti fi iná sí i?" Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n má ṣe fi sí i, kí n má sì jẹ́ kó gbẹ! Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní kí n fi aṣọ tútù wé e, kí n kó o sínú ọ̀rá, kí n dì í lẹ́nu pa, kí n sì máa gbé e bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Aláṣọ Òkè
Ẹ pẹ̀lẹ́, Olúwa á dí i fún yín. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe ìrẹsì? Fóònù mi já sínú bàsíà omi, mo rì í mọ́nú ìrẹsì, ó jí. Òun náà ni mo fi ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀tígbà
Èmi ni wọ́n pè lọ́jọ́ náà. Ìyá wa, ẹ kú oríire fóònù. Bẹ́ ẹ bá gbé e sórí tábìlì lásán, á gbẹ bákan náà. Afẹ́fẹ́ ló ṣiṣẹ́ yẹn, ìrẹsì kàn gba ìyìn ni. Eruku ìrẹsì sì máa ń há sí ojú ibi tí wáyà ń wọ̀.

Ti háàdì le ju ìyẹn lọ. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí ihò kékeré kan tí wọ́n kọ "DO NOT COVER THIS HOLE" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni háàdì ń gbà mí. Asẹ́ wà lẹ́yìn ihò náà tó ń dá eruku dúró, ṣùgbọ́n bó bá rì sínú omi, asẹ́ yẹn ò lè dá omi dúró. Inú ni àwo tó ń yí wà, orí tó ń ka nǹkan ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án, àlàfo tó wà láàárín wọn ò tó ìwọ̀n èérún èéfín sìgá. Tí omi ẹlẹ́rẹ̀ bá gbẹ sórí àwo, omi lọ, ẹrẹ̀ àti iyọ̀ kù, wọ́n sì lẹ̀ típẹ́típẹ́. Kí ẹnì kan wá fi iná sí i báyìí, orí yẹn á máa gbá mọ́ ìdọ̀tí, á sì máa ha àwo. Ibi tó bá ti ha, kò sí babaláwo tó lè dá ohun tó wà níbẹ̀ padà. Bó bá ṣì tutù nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìdọ̀tí rọ̀, a lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Olówó Ẹ̀rọ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dẹ́rù bà wọ́n. Bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ ni omi sábà máa ń pa. Ẹ ra háàdì kan náà gẹ́lẹ́, ẹ tú bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ẹ dè é mọ́ ti yín. Mo ti ṣe é rí, ó ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀tígbà
Háàdì àtijọ́ lẹ ṣe é fún. Àwọn ti ìsinsìnyí ní ṣíìpù kékeré kan lórí bọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ kọ ètò háàdì yẹn nìkan sí. Bẹ́ ẹ kò bá yọ ṣíìpù náà lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù tuntun, háàdì lè máa yí kó má dá ara rẹ̀ mọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé omi ti wọnú, bọ́ọ̀dù tuntun á kàn bá yín yí ẹrẹ̀ ni.

Apẹja Àwòrán Bàdágìrì
Tèmi, káàdì ni. Oníbàárà ju kámẹ́rà mi sínú òkun níbi tó ti ń bá ìgbì ṣeré, ká má sọ̀rọ̀ òun. Mo yọ bátìrì àti káàdì kíá. Mo fi omi mímọ́ ṣan káàdì léraléra, mo wá fi omi bátìrì ṣan án kẹ́yìn, èyí tí kò ní ásíìdì o. Mo nù ún, mo gbé e síwájú fáànù di ọjọ́ kejì. Ó yẹ kí n wé e sínú aṣọ tútù ni àbí?

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀tígbà
Rárá, ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn dáa. Káàdì ò ní nǹkan tó ń yí nínú, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n sì ti fi nǹkan bíi pílásítíìkì bo ṣíìpù inú rẹ̀ pa. Iyọ̀ lojú góòlù rẹ̀ ni ọ̀tá. Bí iyọ̀ àti iná bá pàdé níbẹ̀, kíá ni wọ́n á jẹ ẹ́. Ẹ má dá a padà sínú kámẹ́rà, torí kámẹ́rà lè kọ nǹkan sí i. Kí ló ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà?

Apẹja Àwòrán Bàdágìrì
Ó kọ "You need to format the disk in drive E: before you can use it." Mo tẹ Cancel.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀tígbà
Ẹ ṣeun. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ kọ sórí díìsìkì mìíràn, orí ẹ̀dà yẹn ni kẹ́ ẹ ti máa wá fáìlì. Lórí Linux, ẹ fi `lsblk` wo lẹ́tà káàdì yín, ẹ fi rọ́pò `sdb` tó wà nísàlẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ má lọ fọwọ́ kan díìsìkì mìíràn:

```
sudo ddrescue -d -r1 /dev/sdb kaadi.img kaadi.map
```

Ẹ ti bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ káàdì sí LOCK náà, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e, àwọn ohun ìkakáàdì kan kì í bìkítà fún un.

Tíṣà Àkúrẹ́
Ṣé ti ọ̀rinrin náà wọ̀ ọ́? Ọ́fíìsì wa tutù bíi fíríìjì. Mo gbé háàdì jáde lọ́sàn-án òjò, ìrì bo gbogbo ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀tígbà
Ó wọ̀ ọ́, sà. Ìrì yẹn lè wà lórí bọ́ọ̀dù náà tí ẹ ò rí i. Ẹ máa kó o sínú ọ̀rá tí ẹ ti dì kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, kí ìrì náà lè sẹ̀ sára ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi iná sí i.

Ayàwòrán Kétu
Kí n parí tèmi. Wọ́n tú u nínú àpótí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́, wọ́n fọ àwo, wọ́n fi orí háàdì mìíràn rọ́pò tirẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú fídíò náà padà. Ìgbéyàwó kan ló kù tí apá kan rẹ̀ kò ṣeé wò, mo sì dá owó oníbàárà náà padà fún un. Owó iṣẹ́ náà, ẹ má bi mí.

Ọmọ Ṣakí
Ìbéèrè: ẹni tó wà ní Ṣakí ńkọ́, tí kò lè dé Èkó fún ọ̀sẹ̀ kan? Kó máa wà nínú aṣọ tútù láti ìgbà yẹn?

Atúnṣe Ìbàdàn
Èmi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ tútù yẹn látilẹ̀wá. Mo ti rí èyí tó pẹ́ nínú ọ̀rá tí ìpẹtà ti jẹ bọ́ọ̀dù àti ojú ibi tí orí ti so mọ́ ọn. Bó bá máa ju ọjọ́ méjì lọ, èmi á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi tútù, láìfi ooru sí i, àwa á fọ̀ ọ́ tó bá dé.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀tígbà
Tó bá jẹ́ omi òjò mímọ́, mo gbà pẹ̀lú yín. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ tàbí omi iyọ̀, n ò gbà: bọ́ọ̀dù ṣeé rà, àwo ò ṣeé rà.

Atúnṣe Ìbàdàn
Ojú ibi tí orí ti so mọ́ ọn ńkọ́, ẹ rí i rà lọ́jà? Ọmọ Ṣakí, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sínú àpótí ìfiránṣẹ́ mi, sọ irú omi tó wọ̀ ọ́ fún mi.