Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ínfọ́ìsì yẹn: ọjà pé, owó ló lé

Ohun tí mo kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ yín nìyí: "Ẹ gbà mí o, páálí 10 la ọ́dà, 120 ni wọ́n kọ sí ínfọ́ìsì, ṣé kí n san án?"

Ẹ ṣé o, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Brọ̀dá tó ní kí n dá ọjà padà, ọjà ò pọ̀ jù o, páìrì ìbọ̀wọ́ 12 ló wà nínú páálí kan, páìrì ni àwọn tó tà á fún wa fi ka tiwọn, 10 lọ́nà 12 náà ni 120. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró tẹ́lẹ̀, àǹtí tó ní kí n sọ owó náà di ti páálí ló là mí lójú. 2,400 la jọ ṣàdéhùn lórí páálí kan, wọ́n wá kọ 240 lórí páìrì, èmi rò pé ó bára mu torí òdo kan ṣoṣo ló kúrò, ìgbà tí mo fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀ ló di 2,880! 10 ni wọ́n fi pín in dípò 12, 200 ló yẹ kó jẹ́. Ó fi 4,800 lé lápapọ̀. Mi ò san, mo fi ọ́dà wa àti ìwé tí a fi gba ọjà ránṣẹ́, wọ́n ti fún wa ní kírẹ́dìtì nóòtù, ìwé tó yọ owó tó lé yẹn kúrò. Ti oṣù tó kọjá tí mo ti san ṣá, irú ẹ̀ náà ni, wọn ò tíì dáhùn.