Báwo lẹ ṣe ń gé fídíò gígùn kan sí wẹ́wẹ́ tí kò fi ní dà bí àsọtúnsọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní fídíò ìṣẹ́jú 48 lórí Yútúùbù, bí a ṣe ń rẹ àdìrẹ nínú aró. Mo gé ibi mẹ́fà jáde, mo wá da gbogbo ẹ̀ sí Tíkítọ́ọ̀kì, Fesibúùkù àti Wasáàpù lọ́jọ́ kan náà, gbogbo ẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi". Oníbàárà mi kan ní "Àǹtí, ṣé kì í ṣe èyí la rí lánàá?" Ojú tì mí gan-an.

Mo wá ń dán nǹkan míì wò báyìí: ibi tí aṣọ ti jáde nínú aró ní àwọ̀ ewé tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i tó di búlúù, ìyẹn nìkan ni mo fi sí Tíkítọ́ọ̀kì, kò sí ìkíni rárá; Fesibúùkù, mo kọ ìdí tó fi ń yí àwọ̀, pẹ̀lú fọ́tò méjì; Wasáàpù, iye tí mò ń tà á. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ mo dá fóònù dùbúlẹ̀ nígbà tí mò ń yà á, tí mo bá ti gé e kó dúró lóòró, ọwọ́ mi á ti jáde nínú àwòrán. Ṣé kí n tún ibẹ̀ yà ni? Ọjọ́ mélòó lẹ sì máa ń fi sáàárín kẹ́ẹ tó mú apá míì jáde?